Ṣé ó ń sáré lọ́wọ́ ni, àbí ó ti dúró?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọkùnrin kan ṣubú lulẹ̀ níbi tí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń ṣe ìdánrawò. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo fi máa dé pápá, ó ti jókòó, ó ń mu omi, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní oòrùn ló mú un. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ́jísítà kọ ìlà kan ṣoṣo: "Ó dákú nítorí oòrùn, ó ti jí." Ìlà kan yẹn náà la gbé lọ bá dókítà.

Dókítà kà á, ó gbé ojú sókè, ó ní: "Ṣé ó ń sáré lọ́wọ́ nígbà tó ṣubú ni, àbí ó ti dúró?"

Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Kóòṣì ní ó ti sáré tán. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ní rárá, ó ṣì ń sáré. Ẹlòmíràn ní ṣe ni wọ́n gbá a lẹ́sẹ̀. Dókítà tún béèrè pé ó pẹ́ tó kí ó tó dáhùn. Ẹnì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnì kejì ní kò tó ìṣẹ́jú kan. Gbogbo wọn wà níbẹ̀ o! Kò sí ẹni tó ń parọ́. Ìbẹ̀rù ló da iyè wọn rú.

Dókítà wá ṣàlàyé fún wa. Ẹni tó sáré tán, tó dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè ṣẹ́ sí i lẹ́sẹ̀, kí orí rẹ̀ fúyẹ́, kí ó sì dákú. Bí wọ́n bá tẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó sábà máa ń jí kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣubú láàárín eré, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ó lè jẹ́ pé lílù ọkàn rẹ̀ ló ṣì ọ̀nà. Tí ó bá jí lónìí, ó lè má jí lọ́jọ́ mìíràn. Kò gbọdọ̀ sáré mọ́ títí àwọn dókítà ọkàn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wò ó, "ó ń sáré" àti "ó ti dúró", ìyàtọ̀ ikú àti ìyè ló wà láàárín wọn, a ò sì kọ èyíkéyìí sílẹ̀.

Ohun tó yọ wá ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ń fi fóònù ya fídíò eré náà. A jókòó tì í, a sì tún ìwé kọ. Báyìí ló ṣe rí:

4:52. Ó ń sáré ìgbà kẹfà, láti ẹnu góòlù dé àárín pápá. Kò sí ẹni tó wà nítòsí rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀, kò na ọwọ́ láti gba ara rẹ̀.
Ìṣẹ́jú àáyá 10 lẹ́yìn náà: apá rẹ̀ gbọ̀n nígbà mẹ́ta. Ojú rẹ̀ là díẹ̀.
Ìṣẹ́jú àáyá 20: kóòṣì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó pè é, ó gbọn èjìká rẹ̀, kò dáhùn. Wọ́n da omi sí i lórí.
Ìṣẹ́jú àáyá 45: ó mí kanlẹ̀, ó la ojú.
4:53. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó mọ ibi tó wà.
5:20 (nǹkan bí). A gbé e kúrò ní pápá.
5:41. A dé ilé ìwòsàn. A ò pe 112. A ò wo ìwọ̀n ooru ara rẹ̀.

Pẹ̀lú ìwé yìí, dókítà yẹ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù wò lójú ẹsẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí dókítà ọkàn. Ọmọ náà ò tíì padà sí pápá, ṣùgbọ́n ó wà láàyè.

Ẹ tún wo ohun tí ìwé náà fi hàn nípa àwa fúnra wa. Odindi ìṣẹ́jú àáyá 25 ni kóòṣì fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wò ó bóyá ó ń mí. Ẹni tó bá ṣubú, tí kò dáhùn, tí kò mí dáadáa, àyà ló yẹ kí á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíràn máa pe ìrànlọ́wọ́. Ara tó ń gbọ̀n kì í ṣe wárápá nígbà gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni mímí tó dà bí ìhanrun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe mímí gidi. Ọkàn tó dúró lè fa méjèèjì. Omi ò jí ọkàn.

Irú èyí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní May 29, 2018, Jordan McNair, ọmọ ọdún 19, ṣàìsàn níbi ìdánrawò bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ní Yunifásítì Mẹ́rílándì. Ooru ló mú un. Ó kú ní June 13. Àwọn tí yunifásítì gbà láti wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé láti ìgbà tí àmì àkọ́kọ́ ti hàn títí ọkọ̀ pàjáwìrì fi gbéra, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 39 ló kọjá. Wọn ò wọn ooru ara rẹ̀, wọn ò sì rì í sínú omi tútù, bẹ́ẹ̀ omi tútù yẹn gan-an ni ìtọ́jú rẹ̀, kí á tó gbé e lọ síbikíbi. Nítorí náà, tí ẹni tí ooru mú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́ọ́ tàbí sọ ìsọkúsọ, ẹ kọ àkókò yẹn sílẹ̀. Aago ti ń ka láti ibẹ̀, kì í ṣe láti ìgbà tó ṣubú.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò le. Kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ máa jẹ́ kíkọ. Kí ó má jẹ́ kóòṣì, torí ọwọ́ kóòṣì máa dí. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí ó máa fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ lórí Wasáàpù: "ó ṣubú", "a ń tẹ àyà", "ọkọ̀ gbéra". Fóònù fúnra rẹ̀ máa fi àkókò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ojú rí ni kó kọ, kì í ṣe ohun tó rò. Kí ó kọ "nǹkan bí" síbi tí kò bá ti dá a lójú. Lẹ́yìn náà, kí ó bi àwọn tó rí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó jọ sọ ọ́ láàárín ara wọn, torí ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le jù ló máa ń yí ìtàn àwọn yòókù padà. Tí fídíò bá wà, dókítà ni kí ẹ fi hàn. Ẹ má gbé e sí sítátọ́ọ̀sì yín, ẹ jọ̀ọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní, "Pásítọ̀, ẹni ń kú lọ, ẹ ní ká máa kọ̀wé?" Rárá o. Ẹni tó ń tẹ àyà ò gbọdọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ní pápá wa lọ́jọ́ yẹn, ó lé ní ogún èèyàn tó kàn dúró tó ń pariwo "Jésù!" Ẹ pe Jésù, èmi náà máa pè é. Àmọ́ kí ẹnì kan nínú ogún yẹn mú fóònù jáde kó máa kọ. Ẹ má sì kọ "ọ̀tá ló kọlù ú" sínú ìwé tí dókítà máa kà. Ẹ sọ ìyẹn fún mi, a ó jọ gbàdúrà sí i. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń sáré lọ́wọ́ ni, àbí ó ti dúró.

Ẹ̀yin kóòṣì tó wà níbí, ta ni òǹkọ̀wé yín ní Sátidé tó ń bọ̀? Ẹ dá mi lóhùn nísàlẹ̀.