"Ìgbà Díẹ̀" Kì í Ṣe Aago

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe àí-tí mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé fún akẹ́kọ̀ọ́. Èmi, ímeèlì ni wọ́n ní kí n kọ sí máníjà, ní ilé ìwòsàn kan ní Igbó-Ọrà, pé a fẹ́ pààrọ̀ súwíìṣì. Kì í ṣe ti iná o. Àpótí tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà ilé náà já sí ni mò ń wí. Ó ní ihò 24, àrá sì ti pa 3 nínú wọn.

Mo kọ ọ́ pé: "A ó pààrọ̀ súwíìṣì lálẹ́ Sátidé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí fún ìgbà díẹ̀." Máníjà bi mí pé, "Ìgbà díẹ̀ wo? Ṣé aláìsàn kì í wá ní Sátidé ni?"

Ojú tì mí, àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ. Lójú tèmi, kì í ṣe ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù nínú irú ímeèlì yìí, bí kò ṣe aago tí a máa jáwọ́ bí kò bá yọrí. Mo tún un kọ:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Aago 10 alẹ́ la ó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gba káàdì, fàmásì àti yàrá àyẹ̀wò kò ní rí àkọsílẹ̀ aláìsàn lórí kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n lo ìwé. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ di aago 11, a ó dá ti àtijọ́ padà, ìyẹn á gba 20 ìṣẹ́jú. Bó bá burú tán, 80 ìṣẹ́jú ni."

Mo rò pé mo ti parí. Ẹni tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ló rí àlàfo ibẹ̀: súwíìṣì tí àrá ti bà jẹ́ lè má tan mọ́ tí a bá ti pa á. Tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, kò sí ibi àtipadà sí, 80 ìṣẹ́jú mi ti di irọ́ nìyẹn. Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta la sì ti máa wá òmíràn, lọ́jọ́ Sunday! A wá fi kún un pé a ó yá súwíìṣì kékeré oníhò 8 sílẹ̀ fún yàrá mẹ́ta yẹn, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ títí di Monday.

Ewu kejì ni NEPA. Ètò tí a bá tẹ̀ sínú súwíìṣì tuntun á pa rẹ́ bí iná bá lọ kí a tó fi í pamọ́. Lórí tiwa, àṣẹ rẹ̀ nìyí:

```
copy running-config startup-config
```

A kọ ìyẹn náà síbẹ̀, pé kí jẹnẹrétọ̀ ti wà lórí kí aago 10 tó lù.

Èsì dé lọ́jọ́ kejì: "Mo gbà. Ẹ sún un sí aago 11, nọ́ọ̀sì máa ń pààrọ̀ iṣẹ́ ní 10."

Aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú ímeèlì la tún yí padà.