Ẹ dán ẹ̀rọ káàdì wò kí ẹ tó jẹ́ kí ẹni tó gbé e wá lọ

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó lórí káàdì, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní pí-ó-ẹ́sì, ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ìyá kan ládùúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì. Ó kó ìwé ìforúkọsílẹ̀ okòwò rẹ̀ lọ sí báńkì, wọ́n ṣí àkáǹtì ọlọ́jà fún un, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà méjì: ti ọlọ́jà àti ti ẹ̀rọ. Ọmọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ wá ní, "Mọ́mì, ó ti ń ṣiṣẹ́," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Oníbàárà àkọ́kọ́ ra ọjà ₦45,000. Ó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ẹ̀rọ kọ "Incorrect PIN". Ó tún un tẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, báńkì rẹ̀ ti káàdì náà pa. Ìbínú ni ọkùnrin náà fi kúrò níbẹ̀.

Kò gbàgbé nọ́ńbà rẹ̀ o. Kí nọ́ńbà àṣírí tó kúrò nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á fi kọ́kọ́rọ́ kan tì í, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i lójú ọ̀nà. Ìkejì kọ́kọ́rọ́ náà ló gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó máa ṣí i. Nọ́ńbà ẹ̀rọ ni wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ẹlòmíràn ti lo ẹ̀rọ ìyá yìí rí. Ọmọkùnrin yẹn yí nọ́ńbà padà, ṣùgbọ́n kò gba kọ́kọ́rọ́ tuntun sínú rẹ̀. Nọ́ńbà tó tọ̀nà wá di àṣìṣe.

Èrò tèmi ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìtíì fi káàdì tiwa ra ọjà ₦100. Bí ẹ̀rọ bá kọ nọ́ńbà tó dá wa lójú, ẹ má tẹ̀ ẹ́ títí dé ìgbà kẹta. Ẹ ní kó gba kọ́kọ́rọ́ tuntun. Lórí àwọn ẹ̀rọ kan, "Key Exchange" ni ẹ ó rí.

Bó bá kọ "Approved", ẹ wo ìwé kékeré tó tẹ̀ jáde. Ṣé orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ló wà lókè? Ṣé nọ́ńbà méjèèjì bá ti báńkì mu? Bó bá jẹ́ ti ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀, àkáǹtì onítọ̀hún ni owó yín ń lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró kí owó náà wọ àkáǹtì yín, bó tilẹ̀ di ọjọ́ iṣẹ́ kejì. Ó lè dín díẹ̀, nítorí owó iṣẹ́ tí wọ́n ń yọ. Ìgbà tẹ́ ẹ bá rí i níbẹ̀ ni kí ẹ tó gba káàdì oníbàárà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.