Ìsọkúsọ Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Òdì

Ní nǹkan bí ọdún 1961, Dúró Ládípọ̀, ọmọ katikíìsì ìjọ Áńgílíkà, gbé orin Àjíǹde tí òun fúnra rẹ̀ kọ wọ inú ilé ìjọsìn ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù dùndún gbé e lẹ́sẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ fárígá. Wọ́n ní ìlù tí a fi ń kí òrìṣà kò gbọdọ̀ dún nínú ilé Ọlọ́run. Ládípọ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, nígbà tí ó sì di ọdún 1962, ó ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní ìlú kan náà.

Ẹ̀ṣẹ̀ wo gan-an ni ìlù yẹn ṣẹ̀? Kò sọ ìsọkúsọ, kò sọ ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá, kò sì sọ ọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó mú ohun tí kì í ṣe mímọ́ wọ ibi mímọ́. Ẹ̀sùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ìsọkúsọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe gbogbo wọn lónìí.

Ìsọkúsọ ló fúyẹ́ jù. Bí ọkùnrin kan bá dìde níwájú àwọn ìjòyè ní Iléṣà tí ó ní, "Mo fẹ́ lọ ṣu," nígbà tí "Mo fẹ́ lọ gbọnsẹ̀" wà nílẹ̀, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ni ojú yóò tì. Láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oko, ọ̀rọ̀ kan náà kò ní mú ẹnikẹ́ni bojú wẹ̀yìn.

Àlùfàǹṣá, ọ̀rọ̀ tí ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá wọ èdè wa, jẹ mọ́ ìbálòpọ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà ara nìkan ló ń sọ ọ̀rọ̀ di àlùfàǹṣá. Agbẹ̀bí tí ó bá dárúkọ òbò fún aboyún tí ó ń tọ́jú kò ṣe ohun ìtìjú. Ọkùnrin tí ó bá pariwo ọ̀rọ̀ kan náà sí ọmọdébìnrin tí ń kiri ọjà ti sọ àlùfàǹṣá, nítorí pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, ọmọ náà ni ó sì fi ń dójú tì. Ọjọ́ ọdún Òkè-Ìbàdàn ńkọ́, tí tọmọdé tàgbà ń fi okó àti òbò kọrin ní gbangba? Àṣà ló fún wọn láyè lọ́jọ́ yẹn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àyè ti tán.

Ẹ̀ka kẹta, èyí tí wọ́n fi ìlù Ládípọ̀ sí, ni sísọ ohun mímọ́ di yẹpẹrẹ. Ẹ wo elépo ní ọjà Àtákúnmọ́sà tí ó ń búra pé, "Wọ́láhì, n kò jèrè kọ́bọ̀," tí ó sì mọ̀ pé òun jèrè. Kò bú Ọlọ́run. Ó kàn fi orúkọ Rẹ̀ ta epo ni.

Ọ̀rọ̀ òdì kọjá ìyẹn, nítorí pé ẹni tí a ń sìn gan-an ni ó dojú kọ. Ládípọ̀ kan náà ló fún wa ní àpẹẹrẹ tí ó dára jù: *Ọba Kò So* ni ó pe eré rẹ̀ lórí Ṣàngó. Kò sí ìsọkúsọ nínú "Ọba so," kò sí àlùfàǹṣá níbẹ̀, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n létí oníṣàngó, ọ̀rọ̀ méjì yẹn sọ pé ẹni tí òun ń bọ kì í ṣe òrìṣà bí kò ṣe òkú tí ó pokùn so. Ọ̀rọ̀ òdì kò nílò ọ̀rọ̀ rírùn kankan.

Ibi tí àṣìpè ti léwu nìyí. Ní ọdún 2020, ilé ẹjọ́ Ṣàríà kan ní Kánò dá ẹjọ́ ikú fún olórin kan nítorí orin tí wọ́n ní ó tàbùkù Ànábì. Òfin ìwà ọ̀daràn ti gúúsù kò le tó bẹ́ẹ̀: abala 204 rẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì de ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ tàbùkù ẹ̀sìn ní gbangba. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe àfáà tàbí pásítọ̀ ní olè ti búni, ó sì lè jẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ òdì. Àfáà kì í ṣe Ọlọ́run. Pásítọ̀ pẹ̀lú kì í ṣe Ọlọ́run.

Òfin yẹn kò sì dárúkọ ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Ẹ̀sìn ẹgbẹ́ ènìyàn èyíkéyìí ni ó wí. Bí ọdún Ọ̀ṣun bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ní oṣù kẹjọ, tí oníwàásù kan gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ìkóríta Òṣogbo, tí ó ń pe Ọ̀ṣun ní ẹ̀mí àìmọ́ tí ń mu ẹ̀jẹ̀, ìwàásù ni òun yóò pè é. Ìyá arugbó tí ó ń gbé igbá omi rẹ̀ bọ̀ láti odò ní orúkọ mìíràn fún un.