Ọjọ́ Orí Táyà Kò Sí Lójú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra táyà tòkunbọ̀ l'Ékòó kì í dé Ládípọ̀ mọ́ kó tó sanwó. Fọ́tò ni oníṣòwò máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù: táyà tí wọ́n ti fi ìpara nù títí tó fi ń dán, tí kòtò ojú rẹ̀ ṣì jìn. Oníbàárà á wò ó, á ní kò tíì jẹ, á sì fi owó ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Bí wọ́n ṣe lo táyà tó ni ojú rẹ̀ ń sọ. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹ̀gbẹ́ ló wà.

Ká ní ohun tó hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà inú fọ́tò náà ni 195/65 R15 91H. Ìbú táyà ni 195, ní mìlímítà. 65 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 ìbú yẹn, ìyẹn bíi mìlímítà 127. R ń tọ́ka sí bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀, 15 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní íńṣì. H ní kí eré rẹ̀ má ju kìlómítà 210 ní wákàtí kan lọ.

91 ni àwọn ènìyàn máa ń fojú fò. Kì í ṣe kílò 91. Nọ́ńbà àpèjúwe ni, ohun tó dúró fún ni kílò 615 lórí táyà kan. Mẹ́rin á gbé 2,460, èyí tó pọ̀ tó fún Corolla. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ Hiace bá rí 195 àti 15, tó ní "ó bá ríìmù mi mu", ewu dé. Bọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ súnmọ́ tọ́ọ̀nù méjì. Èrò 14, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá wọ̀n tó kílò 70, jẹ́ 980 kí ẹrù tó wọlé. Táyà tó yẹ ẹ́ ni 195 R15C 106/104: lẹ́tà C yẹn ni ti ọkọ̀ akẹ́rù àti akérò, 106 sì ń gbé kílò 950.

Ọjọ́ orí ló wá kù. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni kí a wò. Bó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é, nínú oṣù kẹfà. Bó bá jẹ́ mẹ́ta péré, táyà náà ti wà ṣáájú ọdún 2000. Nígbà mìíràn, DOT á wà nínú fọ́tò, nọ́ńbà mẹ́rin yẹn ò ní sí. Kì í ṣe pé oníṣòwò ń parọ́ dandan, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé pérépéré lára ọ̀pọ̀ táyà. Kó yí i, kó ya ẹ̀gbẹ́ kejì.

Àwọn aláṣẹ nílẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún mẹ́rin ti tó fún táyà. Ti ọdún 2016 yìí ti kọjá ààlà láti 2020, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì jìn ní mìlímítà méje, nígbà tí táyà tuntun jẹ́ bíi mẹ́jọ. Afẹ́fẹ́ àti ooru ń mú rọ́bà le, yálà ó ń yí lójú ọ̀nà tàbí ó ń sùn nínú búùtù. Ó máa ń sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti nísàlẹ̀ kòtò. Ohun tí ìpara dúdú ń bò nìyẹn. Nínú, ojú táyà á máa ya kúrò lára okùn irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí di ọ̀sán kan tí ọkọ̀ ń sáré lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí yóò bẹ́.

Ojú táyà náà ṣe pàtàkì, àmọ́ fọ́tò kì í sọ bó ṣe jìn. Kí oníṣòwò fi igi ìṣáná lélẹ̀ nínú kòtò kó tó yà á. Igi yẹn nípọn tó mìlímítà méjì. Bó bá yọ sókè ju ojú táyà lọ, ó ti súnmọ́ 1.6, ààlà tí táyà ti kú. Wọ́n ti fi òkè rọ́bà kéékèèké sínú kòtò láti fi ààlà náà hàn, àmì TWI tó wà léjìká táyà sì ń júwe ibi tí wọ́n wà. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ táyà tó ti jẹ kó lè dà bí tuntun, ọ̀bẹ á ti gé òkè yẹn kọjá. Kòtò tó jìn tí kò ní òkè kankan nísàlẹ̀ ti sọ ara rẹ̀.

Àwọn kan á ní owó tuntun ò sí, bẹ́ẹ̀ ni, ọjà táyà tuntun wọ́n. Òfin sì ti de kíkó táyà àlòkù wọlé, síbẹ̀ ọjà kún fún un. Ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn, kó ra èyí tó kéré lọ́jọ́ orí tí ojú rẹ̀ kù mìlímítà mẹ́rin, kó fi arúgbó tó kù méje sílẹ̀. Bí oníṣòwò bá kọ̀ láti ya nọ́ńbà mẹ́rin yẹn, ẹ má ṣe fi owó ránṣẹ́.