Ẹ Má Dúró De Àárẹ̀ Kí Ẹ Tó Sọ̀kalẹ̀ Lórí Máṣíìnì

Lọ́dún tó kọjá, mo gun máṣíìnì láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni mo gbéra, oòrùn ti mú. Mo gbé báàgì tó kún fún ìwé kọ́ ẹ̀yìn, mo so iṣu mẹ́ta mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo sì pinnu pé mi ò ní yà síbì kankan. Nígbà tí mo kọjá Ọ̀yọ́, tó kù díẹ̀ kí n dé Ògbómọ̀ṣọ́, fèrè tírélà kan ló pè mí padà sáyé. Mi ò sùn o, ojú mi là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ọ̀nà ẹni tó ń bọ̀, mi ò sì rántí abúlé kankan nínú àwọn tí mo kọjá.

Àwa ọ̀dọ́ máa ń fi í yangàn pé a gun máṣíìnì dé ìlú kan láì sọ̀kalẹ̀. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọpọlọ tó ti rẹ̀ ni mò ń bi bóyá ó ti rẹ̀ mí, ìdáhùn kan ṣoṣo ló sì máa ń fún mi: "Ó ku díẹ̀." Ìdí nìyí tó fi yẹ kó jẹ́ pé ilé la ti máa mú ibi tí a óò dúró, ká sì dúró níbẹ̀ bí ara wa tilẹ̀ le koko.

Ọ̀nà yẹn tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ pín in sí mẹ́ta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nígbà tí mo tún lọ, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo gbéra, mo sì dúró nílùú méjèèjì, níbi tí èèyàn wà, kì í ṣe inú igbó. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni: mo sọ̀kalẹ̀, mo bọ́ akoto, mo rìn káàkiri, mo na ẹ̀yìn àti ìka ọwọ́.

Omi ṣe pàtàkì níbẹ̀. Atẹ́gùn ojú ọ̀nà máa ń gbẹ òógùn kí èèyàn tó mọ̀ pé òun ń làágùn. Torí náà, mo máa ń mu píọ̀ wọ́tà díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ibi tí mo bá dúró, mi ò dúró de òùngbẹ. Tí orí bá ń fọ́ yín, tàbí tí ìtọ̀ yín bá pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, omi ti dín lára yín nìyẹn. Ní ti àmàlà, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ẹ bá débi tí ẹ ń lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà ò ní kun yín lóorun.

Ẹ wo bí ẹ ṣe jókòó náà. Tí ìka ọwọ́ bá ń kú tipiri, ẹ ti di ọwọ́ máṣíìnì mú jù. Tí ọrùn àti èjìká bá ń ro yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ na apá gbọnrangandan. Ẹ ká ìgúnpá díẹ̀, kí ẹ fi orúnkún fún táǹkì mọ́ra. Orúnkún ló yẹ kó dì yín mú, kì í ṣe ọwọ́.

Ní ti ẹrù, báàgì tó wúwo kì í ṣe ti ẹ̀yìn, torí èjìká ló máa ń fà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Iṣu ẹ̀gbẹ́ kan tí mo so sì ń fa máṣíìnì lọ sọ́tùn-ún, tí mò ń fi ọwọ́ fà á padà ní gbogbo ọ̀nà láì mọ̀. Ẹ pín ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí èyí tó wúwo wà nísàlẹ̀, kó sún mọ́ yín. Tó bá lọ wà ní ìparí síìtì, iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ máṣíìnì á sì máa gbọ̀n. Kí ẹ tó gbéra, ẹ gbé máṣíìnì náà dúró láàárín ẹsẹ̀ yín: ẹ̀gbẹ́ tó bá ń fẹ́ wó sí ni ẹrù ti pọ̀ jù. Ẹ rin kìlómítà bíi méjì, kí ẹ dúró tún okùn rẹ̀ fà, kí etí okùn má bàa wọ ṣéènì.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú gbogbo èyí tó lè rọ́pò oorun. Ẹni tí kò sùn lóru, kó má gbéra láàárọ̀. Òfin ní ká dé akoto, wọ́n sì lè mú ẹni tí kò dé e. Àmọ́ kò sí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó lè rí òògbé lábẹ́ akoto. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá ara yín dúró.