Ẹni Tó Ra Ọjà ní Pọ́ọ́kú Kọ́ Ló Ń Jèrè Jù

Ní Kétu, ní Pọ̀bẹ́, títí dé Ìlárá létí bodè Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́: ẹni tó bá rí ọjà rà ní owó tó kéré jù ni yóò jèrè jù. Bí ìdánwò bá wá ní kí wọ́n fi ìpèsè ọjà aṣọ́wóná wé ìpèsè ọjà ayáratẹ̀lé-oníbàárà, wọ́n á gbè lẹ́yìn aṣọ́wóná, wọ́n á pa ìwé dé. Irọ́ ni wọ́n kọ.

Wọ́n jàre lórí sìmẹ́ńtì. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onígbólò wà ní agbègbè Pọ̀bẹ́ níbẹ̀. Bíríkìlà kì í béèrè àwọ̀ tuntun. Irú èyí tó rà lọ́dún tó kọjá náà ni yóò rà lọ́dún yìí, nítorí náà iye tí a ó tà ṣeé fojú bù. Ṣùgbọ́n èrè orí àpò kan kéré. Ká ní 200 sẹ́fà ni. Alágbàtà tó bá gba ọkọ̀ àkànṣe, tí ìyẹn sì fi 300 kún owó àpò kọ̀ọ̀kan, ti pàdánù 100. Ọkọ̀ ńlá tó kún, tó ń lọ ní ọjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀, ló yẹ ẹ́. Kó má sì kó o jọ pẹ́, torí ọ̀rinrin a máa sọ sìmẹ́ńtì di òkúta nínú àpò.

Ẹ wá wo aṣọ ọdún. Ká ní ìyáàfin kan ra 100 láti òkèèrè ní 5,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́ta ṣáájú ọdún. Ó ta 60 ní 8,000. Àwọ̀ 40 tó kù kò wu ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì gbé wọn jù sílẹ̀ ní 2,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ 60,000. Ẹnì kejì rà ní 6,000 lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn: 30 lákọ̀ọ́kọ́, ó wo èyí tó ń tà, ó sì fi 30 mìíràn kún un. Òun náà ta 60 ní 8,000, kò sí àjẹkù, èrè rẹ̀ sì jẹ́ 120,000. Ẹni tó rà ní ọ̀wọ́n ló jèrè ìlọ́po méjì.

Wọ́n á ní ọlọ́gbọ́n oníṣòwò mọ ohun tí ènìyàn yóò fẹ́. Marshall Fisher, onímọ̀ nípa ìpèsè ọjà, kọ ọ́ ní 1997 pé àṣìṣe nínú ìfojúbù ọjà ojoojúmọ́ máa ń tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ti ọjà oge máa ń wà láàárín 40 àti 100. Ọgbọ́n kò lè dí ihò yẹn. Yíyára ló lè dín in kù.

A sì lè so ìpèsè aṣọ́wóná àti ayáratẹ̀lé-oníbàárà pọ̀. Aláró lè ra aṣọ funfun lọ́pọ̀ ní pọ́ọ́kú, torí gbogbo àwọ̀ ló ń ti ara rẹ̀ jáde, kó má sì ki í bọ aró títí ẹbí yóò fi sọ àwọ̀ tí wọ́n fẹ́.

Ìdáhùn tó péye kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Kó kọ́kọ́ sọ ọjà náà, kó sì béèrè èwo ló gbówó lórí jù: owó ọkọ̀, tàbí ọjà tó kù sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rà.