Kí ẹ tó pààrọ̀ mọ́tò ẹ̀rọ gàrí yín, ẹ wo púlì rẹ̀ ná

Bí iná ìjọba ṣe ń ṣe ségesège yìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣe gàrí ló ń tú mọ́tò oníná kúrò lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù rọ́pò rẹ̀. Mi ò bá wọn jà sí ìyẹn. Ohun tí mo ń bá wọn jà sí ni pé púlì àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Mọ́tò oníná tó ní agbára ẹṣin 2 sábà máa ń yí tó nǹkan bí ìgbà 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Ká ní púlì ara mọ́tò fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8, tí ti dúrọ́ọ̀mù sì jẹ́ 12. Ẹ fi 8 sọ 1,440 di púpọ̀, kí ẹ fi 12 pín in: dúrọ́ọ̀mù á yí ní ìgbà 960. Bí dúrọ́ọ̀mù yẹn bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, eyín ara rẹ̀ ń sáré mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lójú tèmi, ìyẹn tó fún ẹ̀rọ kékeré.

Wàyí o, ẹ́ńjìnnì kékeré lè yí ní ìgbà 3,600. Lórí púlì kan náà, dúrọ́ọ̀mù ti di 2,400, eyín ti ń sáré mítà 25. Ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, béárìn á gbóná. Ẹ̀gẹ́ á máa ta padà sókè dípò kí eyín gbá a mú. Níbẹ̀ ni ewu wà, torí ẹni tó ń ki ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. (Mọ́tò tí agbára rẹ̀ kéré jù náà ń fa irú ẹ̀: dúrọ́ọ̀mù á fẹ́ dúró, ọwọ́ á tún wọlé.) Àtúnṣe ẹ̀ ò le: púlì sẹ̀ǹtímítà 30 lára dúrọ́ọ̀mù á dá a padà sí 960.

Síbẹ̀, 960 náà kì í ṣe eré. Kí èèyàn tó fa ọwọ́ yọ, ká pè é ní ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, dúrọ́ọ̀mù ti yí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé “ẹ ṣáà ṣọ́ra” tó. Ẹnu ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jìn ju apá àgbàlagbà lọ, kí igi tí wọ́n fi ń ti ẹ̀gẹ́ sì ní ìdábùú lórí tí ò ní jẹ́ kó dé ibi eyín. Bẹ́líìtì àti púlì ní láti wà lábẹ́ irin tí ìka ò lè gba inú rẹ̀ kọjá, torí ìró àti gèlè làwọn yẹn máa ń kọ́kọ́ mú. Kí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ wà níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń ki ẹ̀gẹ́ ti lè tó o láìgbéra.

Tí wẹ́dà bá ní owó ìbòrí bẹ́líìtì ò sí nínú iye tí òun pè, ẹ san án, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún un.